Ìpolówó ń bo ojú fóònù mi nígbà tí n kò ṣí nǹkan kan, Chrome náà ń ṣí ara rẹ̀: kí ni kí n ṣe?

Àbẹ̀kẹ́ Aránṣọ · Ajé, 8:14 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí lọ́wọ́ fóònù mi. Ó ti lé lọ́sẹ̀ méjì báyìí tí ìpolówó ń yọ sí mi lójú. Kì í ṣe pé mo wà lórí ìkànnì kankan o. Mo lè ṣẹ̀ṣẹ̀ tan fóònù, kí n máa wá ibi tí mo fẹ́ tẹ̀, ni ìpolówó géèmù kan á bá bo gbogbo ojú rẹ̀ pátá. Àmì X tí wọ́n fi ń pa á kéré bí orí abẹ́rẹ́, kì í sì í tètè jáde. Tí ọwọ́ mi bá ṣèèṣì kan ibòmíràn, Play Store á ṣí.

Ti Chrome tún wà níbẹ̀. Á kàn ṣí fúnra rẹ̀, ojú ìwé á máa pariwo pé fáírọ́ọ̀sì ti wọ fóònù mi. Lókè ojú fóònù, ìfitónilétí tí n kò béèrè fún ń wọlé tẹ̀lé ara wọn láti àárọ̀ dalẹ́.

Mo ti pa fóònù, mo tún un tan. Mo ti nu ohun tí Chrome kó pamọ́. Mo tilẹ̀ fi áàpù kan tó ní òun ń pa fáírọ́ọ̀sì sí i, ńṣe ni ìpolówó tún ń pọ̀ sí i. Android ni fóònù náà. Ìwọ̀n aṣọ àwọn oníbàárà mi wà lórí rẹ̀, àwòrán aṣọ tí wọ́n fẹ́ kí n rán náà wà níbẹ̀, nítorí náà ẹ má sọ fún mi pé kí n pa gbogbo rẹ̀ rẹ́.

Jídé_Kéékèèké · Ajé, 8:31 àárọ̀

Ẹ yọ áàpù tí ẹ fi sórí rẹ̀ kẹ́yìn, mà. Òun ni. Bẹ́ẹ̀ ni tèmi ṣe tán.

Baba Rámọ́ · Ajé, 8:50 àárọ̀

Ọmọ mi, kò sí ọgbọ́n míì níbẹ̀ ju kí o dá fóònù padà sí bó ṣe wà nígbà tí o rà á. Kọ àwọn ìwọ̀n yẹn sínú ìwé, kí o tó nù ún. Tèmi náà ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Lájorí Atúnfóònùṣe · Ajé, 9:22 àárọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyáàfin Àbẹ̀kẹ́. Fóònù ni mo ń tún ṣe jẹun, irú èyí sì wà lára ohun tí wọ́n ń gbé wá bá mi jù. Ẹ má tíì pa nǹkan kan rẹ́.

Nǹkan méjì ló ń ṣe fóònù yín, ẹ sì rò pé ọ̀kan ni. Èyí tó ń bo ojú fóònù nígbà tí ẹ kò ṣí nǹkan kan, áàpù ló wà nídìí rẹ̀. Ìkànnì ayélujára kò lè fò jáde nínú Chrome kí ó wá jókòó sórí àwọn àmì áàpù yín. Ìfitónilétí tó ń wọlé láti òkè ní tirẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé ẹ ti fún ìkànnì kan láṣẹ láìfura. Tí ẹ bá ń fi oògùn ọ̀kan wo èkejì, ẹ ó kàn máa ṣe wàhálà lásán ni. Ìdí nìyẹn tí ohun tí ẹ nù nínú Chrome kò fi kan ìpolówó ojú fóònù rárá.

Ẹ jẹ́ ká mú ti áàpù ná. Láti Android 10, áàpù tí ẹ kò ṣí kò láṣẹ láti dédé gbé ojú ìwé jáde síwájú yín. Àmọ́ tí ẹ bá ti gbà fún un nígbà kan rí pé kí ó máa hàn lórí àwọn áàpù yòókù, òfin yẹn kò mú un mọ́. Àṣẹ yìí kò burú fúnra rẹ̀ o. Òun ni àwọn áàpù ìfọ̀rọ̀ránṣẹ́ kan fi ń fi orí ọ̀rẹ́ yín hàn nínú róbótó kékeré tó máa ń léfòó lójú fóònù. Ṣùgbọ́n kí ni iná tọ́ọ̀ṣì fẹ́ fi ṣe? Kí ni áàpù tó ń yí àwòrán ojú fóònù padà fẹ́ fi ṣe?

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe nìyí. Nígbà tí ìpolówó bá tún yọ, ẹ má fọwọ́ kan X. Ẹ tẹ bọ́tìnnì tó ń fi àwọn áàpù tí ẹ lò kẹ́yìn hàn. Tí fóònù yín kò bá ní in, ẹ fi ìka fa ìsàlẹ̀ ojú fóònù sókè, kí ẹ dá ìka dúró díẹ̀ ní àárín. Ìpolówó yẹn á di káàdì láàárín àwọn káàdì yòókù, àmì áàpù tó ni ín á sì wà lókè rẹ̀. Ẹ tẹ àmì náà, ẹ yan `App info`. Ojú ìwé tó bá ṣí ló máa sọ orúkọ ọ̀daràn náà fún yín. Ẹ wá sọ ohun tí ẹ rí fún mi.

Jídé, ọ̀rọ̀ rẹ lè jóòótọ́ nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ẹ wò ó: áàpù tí wọ́n fi síbẹ̀ kẹ́yìn ni èyí tó ní òun ń pa fáírọ́ọ̀sì, ìpolówó sì ti bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó fi í síbẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn áàpù yìí máa ń sùn fún ọjọ́ mélòó kan kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Nígbà tí ìpolówó bá fi máa yọ, ẹni tó ni fóònù ti gbàgbé pé òun gba nǹkan kan.

Tinúkẹ́ L. · Ajé, 9:40 àárọ̀

Èmi náà o! Ti èmi máa ń yọ ní igun ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún, àwòrán kékeré, á ní káàdì mi ti fẹ́ parí, á ní kí n tún un san. Kódà tí mo bá ti pa Chrome. Mo wá `Special app access` tí mo máa ń rí káwọn èèyàn sọ, n kò rí i rárá. Ibo ló wà?

Lájorí Atúnfóònùṣe · Ajé, 9:46 àárọ̀

Tinúkẹ́, ṣé kì í ṣe kọ̀ǹpútà ni o ń sọ? Igun ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún kì í ṣe ti fóònù.

Tinúkẹ́ L. · Ajé, 9:51 àárọ̀

Kọ̀ǹpútà alágbèéká ni o. Ẹ má bínú. Mo rò pé ọ̀rọ̀ kan náà ni.

Ṣadé K. · Ajé, 10:05 àárọ̀

Tinúkẹ́, ti ìwọ kò le. Ìfitónilétí ìkànnì ni. Kọ èyí sí ibi tí o máa ń kọ àdírẹ́sì sí nínú Chrome, kí o tẹ Enter:

```
chrome://settings/content/notifications
```

Wàá rí orúkọ àwọn ìkànnì tó ní àṣẹ lábẹ́ `Allowed to send notifications`. Èyíkéyìí tí o kò bá mọ̀, tẹ àmì róbótó kékeré mẹ́ta tó wà níwájú rẹ̀, kí o yan `Block`. Ìdí tó fi ń yọ nígbà tí o ti pa Chrome ni pé Chrome kì í fìgbà gbogbo kú tán. Ó lè máa ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀ láìsí fèrèsé tí o lè rí. Má sì tẹ ìpolówó káàdì yẹn o, má san nǹkan kan.

Ìyáàfin Àbẹ̀kẹ́, mo fẹ́ fi ohun kan kún ti Ẹ̀gbọ́n Lájorí. Ẹ lè fi `Safe mode` dán fóònù wò. Ẹ tẹ bọ́tìnnì tí ẹ fi ń pa fóònù mọ́lẹ̀. Nígbà tí `Power off` bá jáde, ẹ tẹ `Power off` yẹn gan-an mọ́lẹ̀ títí yóò fi béèrè bóyá ẹ fẹ́ wọ `Safe mode`. Tí fóònù bá tún tàn, ẹ ó rí `Safe mode` tí wọ́n kọ sí igun ojú rẹ̀. Áàpù tí ẹ fúnra yín fi sí i kò ní ṣiṣẹ́ níbẹ̀, àwọn tó bá fóònù wá nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí dátà wà ní títàn, torí ìpolówó kì í yọ láìsí rẹ̀, ẹ sì lò ó fún bíi wákàtí kan. Tí ìpolówó kò bá yọ, a mọ̀ pé áàpù tí ẹ fi síbẹ̀ ni. Tí ó bá ṣì ń yọ, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní kékeré. Ìpolówó náà ń bá fóònù wá nìyẹn.

Tí ẹ bá tún pa á, tí ẹ tún un tan, yóò padà sí bó ṣe wà. Kò ní pa ohunkóhun rẹ́. Ohun kan ṣoṣo tí mo rí ni pé aago àti ojú ọjọ́ tí mo gbé sí iwájú fóònù mi kúrò níbẹ̀, mo sì ní láti tún wọn gbé síbẹ̀.

Ọmọ Kọ̀ǹpútà · Ajé, 11:30 àárọ̀

Kí ni gbogbo wàhálà yìí? Ẹ lọ sí `Settings`, ẹ wá `Private DNS`, ẹ yan èyí tó ní kí ẹ kọ orúkọ, ẹ kọ `dns.adguard-dns.com` sí i, ẹ tẹ `Save`. Ìpolówó tán. Ìṣẹ́jú kan. Android 9 sókè ló ní in. Ọdún kan rèé tí mo ti ń lò ó, n kò rí ìpolówó kan lójú fóònù mi.

Àbẹ̀kẹ́ Aránṣọ · Ajé, 1:18 ọ̀sán

Ẹ ṣé gan-an, gbogbo yín. Mo ti ṣe ti Ẹ̀gbọ́n Lájorí. Mo dúró de ìpolówó bí ẹni tó ń ṣọ́ eku. Ó yọ ní nǹkan bí agogo méjìlá. Mo tẹ bọ́tìnnì náà, mo rí káàdì ìpolówó lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí orúkọ lókè rẹ̀. Àmì rẹ̀ funfun gbòò, bí ìwé tí wọn kò kọ nǹkan sí. Nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́, káàdì náà kàn pòórá.

Mo wọ `Safe mode` ti Ṣadé. Mo lò ó fún wákàtí kan gbáko, mo pe oníbàárà méjì, kò sí ìpolówó kankan. Mo padà síta, kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ó tún yọ.

Lájorí Atúnfóònùṣe · Ajé, 1:40 ọ̀sán

Ó dára bẹ́ẹ̀. Ohun tí ẹ rí ní `Safe mode` ti sọ fún wa pé áàpù tí ẹ fi síbẹ̀ ni, àmì funfun yẹn sì ti sọ fún wa pé ó ń fara pa mọ́. Ẹni tó ṣe é mọ̀ọ́mọ̀ fi àwòrán òfìfo ṣe àmì rẹ̀, ó sì fi àlàfo ṣe orúkọ rẹ̀, kí ojú yín lè fò ó.

Ẹ lọ sí `Settings`, `Apps`, `Special app access`, `Display over other apps`. Àwọn fóònù kan ń pe èyí tó kẹ́yìn ní `Appear on top`. Tí ẹ kò bá rí i, ẹ wá àpótí ìwárí lókè `Settings`, ẹ kọ `over other` tàbí `on top` sí i. Ẹ ka gbogbo àwọn tí àṣẹ wọn wà ní títàn síbí fún mi. Ẹ wò ó délẹ̀délẹ̀, kódà ibi tó bá dà bí àyè òfìfo láàárín orúkọ méjì.

Ọmọ Kọ̀ǹpútà, èmi náà ń lo `Private DNS`, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n gbọ́ mi. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń dí ọ̀nà tí ìpolówó ń gbà wọlé. Áàpù yẹn ṣì wà nínú fóònù wọn, ó ṣì ń jí ara rẹ̀, ó ṣì ń jẹ bátìrì, ó sì lè ṣe ohun mìíràn tó ju ìpolówó lọ. Ẹ jẹ́ ká lé olè jáde ná, ká tó ti ilẹ̀kùn.

Ọmọ Kọ̀ǹpútà · Ajé, 1:52 ọ̀sán

Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò lè rí olè ńkọ́? Ó kéré tán, ó lè sùn.

Mọ́remí · Ajé, 2:10 ọ̀sán

Mo lo `Private DNS` yẹn fún oṣù mẹ́ta. Ìpolówó orí ìkànnì dín kù lóòótọ́. Àmọ́ lọ́jọ́ kan, áàpù tí mo fi ń wọlé síbi iṣẹ́ kò ṣí mọ́, mo ṣe é títí, ó sú mi. Ọjọ́ kejì ni mo tó rántí ohun tí mo yí padà. Mo pa á, áàpù ṣí. Nítorí náà, ẹni tó bá fi í sí i, kí ó rántí pé òun fi í sí i.

Àbẹ̀kẹ́ Aránṣọ · Ajé, 3:05 ọ̀sán

Mo rí i! Áàpù mẹ́fà ló wà ní títàn. Mẹ́ta jẹ́ ti ìfọ̀rọ̀ránṣẹ́. Ìkẹrin ni èyí tó ń pa fáírọ́ọ̀sì. Ìkarùn-ún ni áàpù kan tí mo fi ń ka kóòdù onígun mẹ́rin, mo gbà á fún ìgbà kan ṣoṣo. Ìkẹfà kò lórúkọ. Ìlà kan ni, kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀ àfi bọ́tìnnì tó wà ní títàn lọ́wọ́ ọ̀tún.

Mo ti pa àṣẹ àwọn mẹ́ta ìkẹyìn. Mo yọ èyí tó ń pa fáírọ́ọ̀sì àti oníkóòdù kúrò wẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wọ inú `Apps` láti yọ aláìlórúkọ yẹn, bọ́tìnnì `Uninstall` rẹ̀ ti rẹ̀ dòdò, kò ṣeé tẹ̀. `Force stop` náà kò ṣeé tẹ̀. Ó sì kọ síbẹ̀ pé ó wá láti Chrome, kì í ṣe Play Store. Ṣé ìyẹn jẹ́ nǹkan kan?

Lájorí Atúnfóònùṣe · Ajé, 3:19 ọ̀sán

Ó jẹ́ nǹkan gidi. Ó túmọ̀ sí pé láti orí ìkànnì kan ni ẹ ti gba fáìlì rẹ̀, ẹ sì gbà fún Chrome láti fi í sórí fóònù. Ẹ rántí bóyá ìkànnì kan ti sọ fún yín rí pé ẹ̀rọ tó ń gbé fídíò ti gbó, pé kí ẹ gba tuntun.

Bọ́tìnnì tó rẹ̀ yẹn kò túmọ̀ sí pé kò ṣeé yọ. Áàpù náà ti fi ara rẹ̀ ṣe alábòójútó fóònù, Android kì í sì í jẹ́ kí a yọ alábòójútó kí a tó gba oyè lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ lọ sí `Settings`, ẹ wá `Device admin apps` nínú `Security`. Tí ẹ kò bá rí i, ẹ kọ `admin` sí àpótí ìwárí. Ẹ ó rí i níbẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ yan `Deactivate`. Ó lè fi ìkìlọ̀ dẹ́rù bà yín pé gbogbo nǹkan yín á pa rẹ́. Irọ́ ni, òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹ padà sí `Apps` lẹ́yìn náà, ẹ yọ ọ́.

Tí ó bá ń gbé ìpolówó bò yín lójú nígbà tí ẹ ń ṣe é, ẹ wọ `Safe mode`, ibẹ̀ ni kí ẹ ti ṣe é. Kò lè dá yín lọ́wọ́ kọ́ níbẹ̀.

Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ wo `Accessibility` nínú `Settings` náà. Àṣẹ tó wà níbẹ̀ burú ju ti ìpolówó lọ, torí ó lè ka ohun tí ẹ ń tẹ̀. Tí ẹ bá rí áàpù tí ẹ kò mọ̀ níbẹ̀, ẹ pa á.

Jídé_Kéékèèké · Ajé, 3:30 ọ̀sán

Kí ló dé tí Play Protect kò fi mú un? Mo rò pé iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn.

Àbẹ̀kẹ́ Aránṣọ · Ajé, 3:36 ọ̀sán

Mo ti fi Play Protect yẹ fóònù wò lọ́sẹ̀ tó kọjá, àbúrò. Ó ní kò sí áàpù tó léwu.

Lájorí Atúnfóònùṣe · Ajé, 3:44 ọ̀sán

Ó máa ń mú púpọ̀, ẹ má pa á. Ṣùgbọ́n áàpù tó bá ṣì jẹ́ tuntun, tàbí tí ìwà rẹ̀ kò ju ìpolówó lọ, lè kọjá lójú rẹ̀. Tí ó bá sọ pé òun rí nǹkan, ẹ gbà á gbọ́. Tí ó bá sọ pé òun kò rí nǹkan, ẹ má sùn lé e.

Àbẹ̀kẹ́ Aránṣọ · Ìṣẹ́gun, 7:02 àárọ̀

Ẹ̀yin ará, ó ti lọ! Ó wà nínú `Device admin apps` lóòótọ́, aláìlórúkọ bẹ́ẹ̀ náà. Mo gba oyè lọ́wọ́ rẹ̀, `Uninstall` sì jí. Láti alẹ́ àná títí di àárọ̀ yìí, ìpolówó kankan kò bo ojú fóònù mi, Chrome kò sì dá ara rẹ̀ ṣí mọ́. Inú mi dùn débi pé mo pe ọmọ mi kó wá wò ó.

Ṣùgbọ́n ìfitónilétí tó ń wọlé láti òkè ṣì ń wọlé. Mọ́kànlá ni mo bá nígbà tí mo jí. Mo sì tún ti nu ohun tí Chrome kó pamọ́.

Mọ́remí · Ìṣẹ́gun, 7:25 àárọ̀

Ẹ tan `Pop-ups and redirects` sí ìdíwọ́ nínú `Site settings` Chrome. Ìyẹn ló ń dí wọn.

Ṣadé K. · Ìṣẹ́gun, 7:48 àárọ̀

Mọ́remí, ìdíwọ́ ni Chrome ń fi ìyẹn sí látilẹ̀ wá, àyàfi tí èèyàn bá yí i padà. Fèrèsé tó ń ṣí nígbà tí ẹ wà lórí ìkànnì ló wà fún. Kò kan ìfitónilétí.

Ìyáàfin Àbẹ̀kẹ́, nígbà tí ọ̀kan bá tún wọlé, ẹ má tẹ̀ ẹ́ láti ṣí i. Ẹ fa ojú fóònù wálẹ̀, ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pẹ́ díẹ̀. Ẹ ó rí i pé Chrome ló gbé e wá, àdírẹ́sì ìkànnì náà á sì wà lára rẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ rí gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan, ẹ ṣí Chrome, ẹ tẹ àmì róbótó kékeré mẹ́ta tó wà lókè, ẹ wọ `Settings`, `Site settings`, `Notifications`. Ẹ wọ inú ìkànnì kọ̀ọ̀kan tí ẹ kò mọ̀, kí ẹ gba àṣẹ tí ẹ fún un kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọmọ Kọ̀ǹpútà · Ìṣẹ́gun, 8:10 àárọ̀

Mo ti nu ohun tí Chrome kó pamọ́ rí, ìfitónilétí sì dáwọ́ dúró. Nítorí náà nínù náà ń ṣiṣẹ́.

Ṣadé K. · Ìṣẹ́gun, 8:22 àárọ̀

Kí lo fi àmì sí nígbà tí o ń nù ún? Tí o bá fi àmì sí `Site settings` níbẹ̀, àṣẹ ìkànnì gbogbo lọ pẹ̀lú rẹ̀. Tí ó bá jẹ́ `Cached images and files` nìkan, bí ẹni fọ àwo tí alejò fi jẹun ni, àlejò náà ṣì jókòó sílé.

Ọmọ Kọ̀ǹpútà · Ìṣẹ́gun, 8:25 àárọ̀

Gbogbo rẹ̀ ni mo fi àmì sí. Ó yé mi wàyí.

Àbẹ̀kẹ́ Aránṣọ · Ìṣẹ́gun, 12:40 ọ̀sán

Ìkànnì mẹ́rin ni mo bá níbẹ̀. Mẹ́ta, n kò gbọ́ orúkọ wọn rí. Ìkẹrin, mo rántí. Mo ń wá àwòrán ọrùn aṣọ tí oníbàárà kan fẹ́, ojú ìwé kan wá sọ pé kí n tẹ `Allow` kí òun lè mọ̀ pé n kì í ṣe róbọ́ọ̀tì. Mo tẹ̀ ẹ́. Mo rò pé ìbéèrè gidi ni. Lójú ìwé yẹn kan náà ni wọ́n ti ní kí n gba ẹ̀rọ tó ń gbé fídíò. Ojú ìwé kan ṣoṣo ló kó méjèèjì bá mi.

Mo ti gba àṣẹ lọ́wọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kò tíì sí ìfitónilétí kankan láti agogo mẹ́sàn-án.

Tinúkẹ́ L. · Ìṣẹ́gun, 1:15 ọ̀sán

Tèmi náà ti dáwọ́ dúró. Ìkànnì mẹ́tàdínlógún ni mo dí! Ẹ ṣé, Ṣadé.

Lájorí Atúnfóònùṣe · Ìṣẹ́gun, 1:30 ọ̀sán

Ẹ kú oríire, Ìyáàfin Àbẹ̀kẹ́. Ó ku ibì kan. Ẹ padà sí `Special app access`, ẹ wọ `Install unknown apps`. Chrome á wà ní títàn níbẹ̀, torí ẹ ti gbà fún un lọ́jọ́ yẹn. Ẹ pa á. Bí ojú ìwé mìíràn bá tún gbé fáìlì wá, fóònù á kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ yín.

Baba Rámọ́ · Ìṣẹ́gun, 6:55 ìrọ̀lẹ́

Mo ti ka gbogbo rẹ̀. Ó wá kù ẹni tí yóò gba èmi. Mo ti nu fóònù tèmi lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́ẹ̀mejì àkọ́kọ́, mo jẹ́ kí ó dá àwọn áàpù mi padà láti inú àkáǹtì mi, ìpolówó sì padà wá. Lẹ́ẹ̀kẹta, n kò dá nǹkan kan padà, n kò sì gba áàpù kankan. Ọjọ́ kejì, ìpolówó yọ. Mo ṣe `Safe mode` tí Ṣadé sọ lónìí. Ó yọ níbẹ̀ pẹ̀lú.

Lájorí Atúnfóònùṣe · Ìṣẹ́gun, 7:30 alẹ́

Bàbá, ẹ kú ìfaradà. Lẹ́ẹ̀mejì àkọ́kọ́, ó lè jẹ́ pé áàpù búburú náà wà lára àwọn tí ẹ dá padà. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ rí lẹ́ẹ̀kẹta, pẹ̀lú ti `Safe mode`, ń tọ́ka sí ibòmíràn. Ó wà nínú fóònù yín kí ó tó dé ọwọ́ yín, níbi tí nínù kò dé. Kì í ṣe ohun tuntun. Ní 2019, Google fúnra rẹ̀ ṣàlàyé bí sọ́fúwíà búburú kan tí wọ́n ń pè ní Triada ṣe wọ inú àwọn fóònù kan kí wọ́n tó jáde sọ́jà, nígbà tí àwọn tó ṣe fóònù gbé apá kan iṣẹ́ sọ́fúwíà fún ẹlòmíràn. N kò sọ pé òun ló ń ṣe tiyín, ṣùgbọ́n ọ̀nà tó gbà wọlé lè jọra.

Ẹ kọ́kọ́ wo bóyá `System update` wà fún fóònù náà. Tí kò bá sí, a nílò kọ̀ǹpútà, okùn, àti `USB debugging` nínú `Developer options`. Kí ọmọ yín kan tó mọ̀ ọ́n bá yín fi adb, ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń pàṣẹ fún fóònù, sórí kọ̀ǹpútà. Ìgbà tí ìpolówó bá wà lójú fóònù gan-an ni kí ẹ kọ èyí:

```
adb shell "dumpsys window | grep mCurrentFocus"
```

Ohun tó bá jáde á ní orúkọ gígùn kan tó ní àmì ìdánudúró nínú, ṣáájú ìlà dídagun. Áàpù tó ni ìpolówó nìyẹn. Ẹ gbé e wá síbí. Ẹ má tíì yọ nǹkan kan, torí àwọn áàpù tó bá fóònù wá so mọ́ra wọn.

Baba Rámọ́ · Ọjọ́rú, 8:20 alẹ́

Kò sí `System update`. Rámọ́ bá mi ṣe ti okùn yẹn. Orúkọ tó jáde, a wò ó nínú `Apps`: áàpù tó máa ń wá `System update` fún fóònù ni. Òun fúnra rẹ̀ ló ń gbé ìpolówó.

Lájorí Atúnfóònùṣe · Ọjọ́rú, 8:58 alẹ́

Mo fura sí i, Bàbá. Irú rẹ̀ máa ń fara pa mọ́ síbẹ̀. Àṣẹ tó ń yọ ọ́ kúrò lójú yín nìyí, ẹ fi orúkọ tí ẹ rí rọ́pò `ORUKO`:

```
adb shell pm uninstall --user 0 ORUKO
```

Kò ní kúrò nínú fóònù tán o. Tí ẹ bá tún nu fóònù, yóò padà. Tí ẹ bá sì yọ ọ́, fóònù kò ní rí àtúnṣe kankan gbà mọ́ láti ọ̀nà yẹn, kódà èyí tó wà fún ààbò. Tí ó bá jẹ́ fóònù tí ẹ fi ń wọ báǹkì, èmi á ní kí ẹ má fi í wọ báǹkì mọ́, bóyá ẹ yọ ọ́ tàbí ẹ kò yọ ọ́.

Ọmọ Kọ̀ǹpútà · Ọjọ́rú, 9:10 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n, fún ti Bàbá yìí, ṣé `Private DNS` kò ní sàn ju yíyọ lọ? Ó kéré tán, áàpù àtúnṣe á ṣì wà.

Lájorí Atúnfóònùṣe · Ọjọ́rú, 9:21 alẹ́

Á ṣì wà, á sì ṣì máa gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ń rán ìpolówó sí i. Àtúnṣe wo lo fẹ́ gbà lọ́wọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀? Èmi á yọ ọ́. Àmọ́ mo ti rí àwọn atúnfóònùṣe tó mọṣẹ́ tí wọ́n ń gba ọ̀nà tìrẹ.

Baba Rámọ́ · Ọjọ́bọ̀, 7:10 àárọ̀

A ti yọ ọ́ lálẹ́ àná. Ó kọ `Success`. Mo ti yọ ti báǹkì kúrò lórí rẹ̀. Ìpolówó kò tíì yọ, ṣùgbọ́n bátìrì ṣì ń gbóná nígbà tí n kò lò ó. Rámọ́ máa tún fi okùn wò ó tó bá ti ibi iṣẹ́ dé.